14 ni kọ̀ǹpútà sọ, 12 ni mo kà lórí kàlẹ́ńdà

Ìbéèrè, láti Kabba: Okun o. Èmi ni mò ń ṣírò ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ wa nínú Excel. Ẹnì kan gba ìsinmi láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, 2025. Mo lo NETWORKDAYS, mo to hólídè mẹ́ta inú oṣù náà, 6/6/2025, 9/6/2025 àti 12/6/2025, sí F2 dé F4, síbẹ̀ 14 ló gbé jáde. Mo fi ìka ka kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mejì, 12 ni mo ń rí. Níbo ló ti rí ọjọ́ méjì lé?

Ìdáhùn: Okun o. Ìka yín kò purọ́. Láti ọjọ́ Ajé ọjọ́ 2 dé ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 20, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 15. Ẹ yọ ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 6 àti ọjọ́ Ajé ọjọ́ 9 tí ìjọba fi sílẹ̀ fún Iléyá, ẹ tún yọ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 tí í ṣe Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, ó ku 12. Fọ́múlà tí ẹ kọ náà kò ní àléébù:

```
=NETWORKDAYS(B2,C2,F2:F4)
```

Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé 14 ló mú wá, kì í ṣe 15. Bí ó bá jẹ́ pé kò rí hólídè kankan, 15 ni ì bá sọ. Ó rí ẹyọ kan, ó fo méjì. Èwo ló wá rí? Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́: 6/6/2025. Ẹ ka oṣù ṣáájú, ẹ ka ọjọ́ ṣáájú, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n 9/6/2025 àti 12/6/2025 kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣètò kọ̀ǹpútà náà sí ti Amẹ́ríkà, oṣù ni yóò kọ́kọ́ kà. Yóò ka 9/6 sí ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, yóò ka 12/6 sí ọjọ́ 6 oṣù kejìlá. Àwọn yẹn kò sí láàárín ọjọ́ ìsinmi ẹni yẹn, nítorí náà kò rí ohun tó máa yọ.

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi lásán. Ẹ lọ sí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ F2, ẹ kọ èyí, kí ẹ fà á dé F4:

```
=TEXT(F2,"dddd d mmmm yyyy")
```

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí mo ṣe rò ó, ohun tí ẹ máa rí nìyí:

```
Friday 6 June 2025
Saturday 6 September 2025
Saturday 6 December 2025
```

Ibi tí nǹkan yìí ti burú ni pé kò pariwo. Ohun tí ẹ tẹ̀, 12/6/2025, náà lẹ ṣì ń rí lójú sẹ́ẹ̀lì, ó sì fara ti apá ọ̀tún bí ọjọ́ gidi ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá tẹ 18/4/2025 fún Gúùdù Fúráìdè lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ máa tètè mọ̀, torí kò sí oṣù kejìdínlógún. Excel á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán, á sì lọ fara ti apá òsì. Ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kejìlá inú oṣù nìkan ló ń rú wa lójú báyìí. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí yín kò bà jẹ́ ní tiwọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú fáìlì tí wọ́n ti ṣe lórí kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n ti wá. Nọ́ńbà ni Excel fi ń tọ́jú ọjọ́ (45820 ni ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2025, 45997 ni ọjọ́ 6 oṣù kejìlá), nọ́ńbà kì í sì í yí padà nítorí pé fáìlì ti ibì kan lọ síbòmíràn. Ìgbà tí a ń tẹ ọjọ́ sínú rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tó máa kà á sí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, kí ẹ tún wọn tẹ̀ báyìí: 2025-06-06, 2025-06-09, 2025-06-12. Ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà àti ti tiwa kò ní ṣì í kà. Bí ẹ bá fẹ́ wo ìdí rẹ̀ sàn, ẹ lọ sí ètò Windows, lábẹ́ `Regional format`, kí ẹ yan `English (Nigeria)` tàbí `English (United Kingdom)`. Ní Google Sheets, `File`, lẹ́yìn náà `Settings`, ni ẹ ti máa rí `Locale`. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: yíyí ètò padà kì í tún ọjọ́ tó ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe. Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá á ṣì jẹ́ ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, á kàn yí ojú padà sí 06/12/2025 ni. Títún un tẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Láápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni èmi ń lò, bí mo ṣe rà á náà ni mo ṣe ń lò ó fún bí ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ti Amẹ́ríkà ni ètò ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má sọ iye ìwé tí mo lọ tún ṣe.

Ìbéèrè, láti Ìsánlú: Tèmi, ìlà àkọ́kọ́ tọ̀nà, 12. Àmọ́ bí mo ṣe fa fọ́múlà náà sísàlẹ̀ fún àwọn tó kù, tí ọjọ́ wọn jẹ́ bákan náà, ó di 13, 14, 15. Ṣé fáìlì náà ti bà jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bà jẹ́. Bí ẹ ṣe ń fa fọ́múlà sísàlẹ̀, F2:F4 náà ń bá yín sọ̀kalẹ̀. Ní ìlà kejì ó ti di F3:F5, hólídè kan ti bọ́ sẹ́yìn. Ní ìlà kẹta ó di F4:F6, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ní ìlà kẹrin, inú sẹ́ẹ̀lì òfìfo ló ń wò, ìdí nìyẹn tó fi di 15. Ẹ fi àmì dọ́là de ibi tí hólídè wà mọ́lẹ̀:

```
=NETWORKDAYS(B2,C2,$F$2:$F$40)
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ dé 40. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo kò ṣe ìṣirò ní ohunkóhun, hólídè tuntun sì lè yọjú nígbàkigbà. Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ ń tẹ̀lé oṣù òkè, a kì í mọ ọjọ́ wọn gan-an títí ìjọba fi máa kéde. Òmíràn kò sí lórí kàlẹ́ńdà kankan rárá. Ẹ rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 15 oṣù keje, 2025, tí ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ nítorí ikú Ààrẹ àná, Muhammadu Buhari. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n kéde rẹ̀. NETWORKDAYS kò mọ hólídè Nàìjíríà kankan fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ sí kọ́lọ́ọ̀mù F nìkan ló mọ̀.

Ìbéèrè, láti Ẹ̀gbẹ̀: Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ní ọjọ́ Ẹtì 13 oṣù kẹfà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé 16. Ọjọ́ kan péré ni kò wá. Kí ló dé tí Excel fi ń sọ pé méjì ni?

Ìdáhùn: Bí àwọn àgbà wa ṣe ń kà ni Excel ń kà. Ẹni tó bá ná ọjà ọrọọrún lónìí ọjọ́ Ajé mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni òmíràn, torí òní pàápàá wà nínú márùn-ún yẹn. NETWORKDAYS náà ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń ka ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ tí ẹni náà padà wọlé bá ni ẹ kọ sí C2, ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò lára ọjọ́ náà nínú fọ́múlà:

```
=NETWORKDAYS(B2,C2-1,$F$2:$F$40)
```

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn yọ 1 kúrò nínú èsì. Ìyẹn máa ń jẹ́ nígbà púpọ̀, títí ọjọ́ tí ẹnì kan á fi kọ ọjọ́ Àìkú 15 sí C2. Láti Ẹtì dé Àìkú, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni. Bí ẹ bá yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, ó di òfo, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Ìbéèrè, láti Mópà: Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni tiwa. A máa ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ṣùgbọ́n agogo méjìlá ọ̀sán la ń ṣíwọ́. Báwo ni a ṣe máa kà á?

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ odidi ni, NETWORKDAYS.INTL ni ẹ máa lò, kí ẹ fi 11 sí ipò kẹta, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni ẹ kì í ṣiṣẹ́. Fún ọjọ́ 2 sí 20 oṣù kẹfà yẹn kan náà, Sátidé méjì ló wà láàárín, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14, nítorí náà 12 á di 14. (Kò bá 14 ti ará Kabba tan o. Tirẹ̀ àṣìṣe ni.)

Fún ìdajì ọjọ́, ẹ ka ọjọ́ Ajé sí Ẹtì lọ́tọ̀, ẹ ka Sátidé nìkan lọ́tọ̀, kí ẹ pín ti Sátidé sí méjì:

```
=NETWORKDAYS(B2,C2,$F$2:$F$40)
 +0.5*NETWORKDAYS.INTL(B2,C2,"1111101",$F$2:$F$40)
```

Àwọn nọ́ńbà méje inú àmì yẹn dúró fún ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ajé ló ṣáájú. 1 ni ọjọ́ tí a kì í ṣiṣẹ́, 0 ni ọjọ́ tí a ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà ní ipò kẹfà ni Sátidé, òun nìkan ló jẹ́ 0. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ àmì tó yí wọn ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Excel á rò pé mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ ni ẹ ń sọ. Èsì tiyín á jẹ́ 12 àti ìdajì ọ̀nà méjì, ìyẹn 13. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé hólídè bọ́ sí Sátidé, tí ẹ kò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù F pẹ̀lú. Ìdá kejì fọ́múlà náà á yọ ọ́, èkíní kò sì ní bìkítà.