Olùdókòòwò ò ṣí ojú-ìwé kejì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àkópọ̀ ètò òwò

Ojú-ìwé mélòó ló yẹ kí àkópọ̀ ètò òwò jẹ́?

Méjì. Bó bá ti di mẹ́rin, ètò òwò fúnra rẹ̀ lẹ ti ń kọ yẹn.

Ṣé mo lè sọ lẹ́tà rẹ̀ di kékeré kí gbogbo ọ̀rọ̀ mi lè gbà?

Rárá o. Ẹ lo ìwọ̀n lẹ́tà 11, kí ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrò. Orí fóònù ni ẹlòmíì ti máa kà á.

Ìgbà wo ni kí n kọ ọ́?

Lẹ́yìn gbogbo ìwé yòókù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ ọ́, tí ìṣirò wá yí padà nínú ìwé ńlá, iye àtijọ́ ló máa ṣì wà nínú àkópọ̀.

Àwọn olùdókòòwò ń ka ojú-ìwé àkọ́kọ́, wọn kì í ṣí èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún gírámà rẹ̀ ṣe.

Ẹ fi gírámà sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ní ìṣòro yìí ló máa ń wá a nínú gírámà, kò sì sí níbẹ̀ rí. Bí ẹ ṣe tò ó ni kò dáa. Ẹ ti tò ó bí orí ìwé ètò òwò: ìtàn ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ tí à ń ṣe, ọjà, òṣìṣẹ́, owó. Ohun tí olùdókòòwò ń bi ara rẹ̀ bó ṣe ń kà á yàtọ̀: ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, kí ló ń pàdánù, ta ló ti ń sanwó fún yín, èló lẹ fẹ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Bó bá ka ìpínrọ̀ méjì láìrí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn, ó ti gbé e sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òtútù nínú yàrá tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí. Irú gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ nìyí:

"Ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ aṣíwájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tí yóò yí ètò ìlera àgbáyé padà."

Kò sí iye níbẹ̀, kò sí oníbàárà. Ẹ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sí i. Bó bá ṣì bá a mu, ẹ pa á rẹ́. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀:

"Bí ẹ̀rọ òtútù bá kú lóru, àárọ̀ ni olùtajà oògùn máa ń mọ̀, oògùn á sì ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ wa ń pè é sórí fóònù kó tó bàjẹ́. Ilé oògùn 40 ló ń san dọ́là 150 fún wa lóṣù kọ̀ọ̀kan. À ń wá dọ́là 300,000 láti dé 400 láàárín oṣù 18."

Ó dáa báyìí, àmọ́ ibí gan-an ni àṣìṣe tó le jù fara pamọ́ sí. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ti dá ìbéèrè sílẹ̀: báwo ni 300,000 ṣe máa sọ 40 di 400? Bí ẹ bá bọ́ sórí ìtàn àwọn olùdásílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òǹkàwé á gbà pé ẹ kàn fẹnu bu iye náà ni.

Ẹ ṣírò ó lójú rẹ̀. Ká ní dọ́là 600 lẹ ń ná kí oníbàárà kan tó wọlé, ìrìnàjò àti ẹ̀rọ tí ẹ máa gbé síbẹ̀ ni. Nínú 150 tó ń san, 100 ló ń kù sí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ìnáwó ìtọ́jú rẹ̀, nítorí náà oṣù 6 ni 600 yẹn fi ń padà wọlé. Oníbàárà tuntun 360, ní 600 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 216,000. Owó-oṣù ẹnjiníà méjì fún oṣù 18 ni 84,000 tó kù. Ó pé 300,000 géérégé.

Ọ̀rọ̀ oṣù 6 yẹn ni kí ẹ fi parí ojú-ìwé àkọ́kọ́, kí ìpín owó náà bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹni tó bá rí i pé owó ń padà láàárín oṣù 6 á fẹ́ mọ bí ẹ ṣe máa ná ti òun, òun ló sì máa jẹ́ kó ṣí i. Bí àwọn oníbàárà kan bá ń fi yín sílẹ̀ kí oṣù 6 tó pé, ẹ kọ iye wọn síbẹ̀. Wọ́n máa wádìí rẹ̀, ó sì sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ọjà yìí tóbi gan-an. Ṣé mi ò lè kọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ péré tó wa?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́. Kò sọ ẹni tó máa rà á. Ẹ ka iye ilé oògùn tó ní yàrá òtútù ní agbègbè tí ọwọ́ yín lè tó. Bí wọ́n bá jẹ́ 3,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san 150 lóṣù, dọ́là 5,400,000 lọ́dún nìyẹn. Ó kéré sí iye gọbọi tó wù yín, àmọ́ òǹkàwé lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ṣé kí n sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ?

Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí òǹkọ̀wé tó lè dá iye tí ẹ ò ní. Akáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kó fi gbogbo iye inú àkópọ̀ wé ti ìwé ìṣirò yín, torí bí 40 bá wà níhìn-ín tí 37 wà lọ́hùn-ún, wọn ò ní gba èyíkéyìí gbọ́ mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ mẹ́nu kan ìpín tí ẹ máa fún olùdókòòwò tàbí èrè tó máa jẹ, ẹ jẹ́ kí lọ́yà rí i kí ìwé náà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin lórí ohun tí a lè sọ fún ẹni tí a fẹ́ ta ìpín ilé-iṣẹ́ fún.