Irú tánkì wo rèé? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fọ́tò tánkì ìfín-oògùn, páàtì rẹ̀ àti iye tó tọ́

Ẹ jọ̀wọ́, fọ́tò tánkì tí mo fi ń fín oògùn lóko nìyí. Irú wo ni, kí n lè wá páàtì rẹ̀?

Fọ́tò tó fi àwọ̀ àti ìrísí nìkan hàn kò lè dá a mọ̀. Àìmọye ilé iṣẹ́ ló ń ṣe tánkì aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, ẹnikẹ́ni ló sì lè lẹ bébà orúkọ mọ́ ọn lára. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí oògùn má bàa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀ àti ẹ̀yìn níbi tí okùn ìgbékọ́ ti so mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó yọ jáde lára ike máa ń wà. Bí wọn kò bá hàn, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì pa á, kí ẹ sì tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. «16 L» kì í ṣe nọ́ńbà irú tánkì, iye omi tó ń gbà ni. «PE» náà ń sọ irú ike tí wọ́n fi ṣe é ni.

Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì. Sólò 425 àti Sólò 475 jọra púpọ̀ lójú fọ́tò, lítà 15 sì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n písítìn ló ń ti omi nínú 425, nígbà tó jẹ́ pé awẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ ló ń ṣe é nínú 475. Páàtì tó ń ti omi nínú ìkan kò wúlò fún ìkejì.

Oògùn kò jáde dáadáa mọ́. Ṣé kí n ra ẹnu ọ̀pá tuntun?

Ẹ fọ asẹ́ inú ọwọ́ ìtẹ̀ àti ẹnu ọ̀pá ná. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe wáyà. Ẹ má ṣe fi ẹnu fọn ọ́n láé.

Mo ń fa ọwọ́ tánkì sókè sódò, kò le rárá. Mo ra rọ́bà písítìn tí wọ́n ní ti lítà 16 ni, ó tún ń mì nínú sílíńdà. Kí ló dé?

Nítorí pé ikùn tánkì ni lítà 16 ń sọ, kò sọ bí ẹnu sílíńdà ṣe fẹ̀ tó. Ojoojúmọ́ ni àgbẹ̀ ń sọ owó nù síbí.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ rí i dájú pé rọ́bà ló ní ẹ̀bi. Ẹ bu omi mímọ́ lítà 5 sí i, ẹ ṣí ìdérí, ẹ wá máa fa ọwọ́ rẹ̀. Bí omi bá ń hó gùdùgùdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá písítìn, rọ́bà ni. Bí ọwọ́ bá kọ́kọ́ le, tó sì rọ̀ padà láìjẹ́ pé ẹ tẹ ìtẹ̀, tí kò sì sí ibi tó ń jò síta, ìdọ̀tí ló há sábẹ́ fáàfù. Fífọ̀ ló fẹ́, kò fẹ́ owó.

Bó bá jẹ́ rọ́bà, sílíńdà ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe rọ́bà àtijọ́. Oògùn ti lè mú ìyẹn wú tàbí kó sún kì. Ẹ fi rúlà wọn inú ẹnu sílíńdà lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwọ̀n kejì dábùú ti àkọ́kọ́. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, sílíńdà ti jẹ, rọ́bà tuntun kò ní dí i.

Bó bá jẹ́ pé fọ́tò lẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ gbé rúlà sórí ẹnu sílíńdà gan-an. Ká ní ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀. Bí rúlà bá wà nílẹ̀, tí fóònù sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sókè, ẹnu sílíńdà sún mọ́ fóònù ju rúlà lọ: sẹ̀ǹtímítà 25 ló fi jìnnà sí i, rúlà sì fi 30 jìnnà. Fọ́tò á wá fi í hàn bí ẹni pé mìlímítà 48 ni. Rọ́bà tí wọ́n bá fi ìyẹn yàn kò ní wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹ sì kọjú ètè rẹ̀ síbi tí àtijọ́ kọjú sí. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, omi á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún yín.

Wọ́n ní 6,000 náírà ni rọ́bà ọ̀hún, tánkì tuntun sì jẹ́ 30,000. Ṣé iye tó tọ́ ni?

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá rọ́bà kan ṣoṣo ni, tàbí odindi àpò páàtì tó ní rọ́bà písítìn, fáàfù àti àwọn wọ́ṣà. Ìdá márùn-ún owó tánkì tuntun lórí rọ́bà kan ti pọ̀ jù. Fún odindi àpò, mo lè gbà á. Ẹ fi nọ́ńbà àti ìwọ̀n kan náà béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí sílíńdà náà bá ti jẹ, ẹ ro owó rẹ̀ mọ́ ti àpò páàtì àti ti oníṣẹ́. Bó bá ju 15,000 lọ, tánkì tuntun ni kí ẹ rà.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń kó jọ sí ti sán. Ṣé mo lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?

Rárá. Ó lè bẹ́ mọ́ yín lẹ́yìn toògùn toògùn. Ẹ ra odindi rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń tún tánkì ṣe bá yín dè é.