Bí ẹ ṣe lè fa ìwé ìwáṣẹ́ padà kí wọ́n tó pè yín
Ẹ̀yin ará, tí nǹkan bá ti yí padà tí ẹ ò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ béèrè fún mọ́, ẹ má kọ ímeèlì tuntun. Inú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ níjọ́sí ni kí ẹ ti tẹ Reply, kí ẹ sì wò ó pé àdírẹ́sì wọn ló wà níwájú To, torí àwọn áàpù kan máa ń gbé tiyín síbẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà á ṣì wà lókè, ẹni tó ń to fáìlì ò ní máa wá yín kiri. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Ká ní ará Iléṣà kan béèrè iṣẹ́ akọ̀wé owó n'Ífẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fẹ́ fa ìwé tí mo fi béèrè iṣẹ́ akọ̀wé owó lọ́jọ́ 3 oṣù yìí padà, torí ìdílé mi ń kó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ṣeun, ẹ má bínú.” Ẹ má fi àlàyé kún un, tí ẹ bá mẹ́nu kan owó, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ dúnàádúrà ni. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi mú ìwé lọ, ẹ tẹ lẹ́tà yìí ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé wọn buwọ́ lu ọ̀kan, kó kọ déètì sí i, kí ẹ mú un dání lọ sílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí ìkànnì tí wọ́n fi ń gba ìwé ìwáṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti béèrè iṣẹ́ náà, ímeèlì nìkan lè má yọ yín kúrò: ẹ wọlé síbẹ̀ kí ẹ tẹ Withdraw, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó bá kọ jáde, torí òmíràn kì í jẹ́ kéèyàn tún béèrè iṣẹ́ kan náà.