Bí ìdí tòmátò inú ike bá ń dúdú, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tòmátò sínú ike, bí ìdí èso bá dúdú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì le bí awọ, ẹ má tíì sáré da ajílẹ̀ sí i. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Kálísíọ́mù ló ń mú kí ara èso dúró dáadáa, inú omi tí gbòǹgbò ń fà ló sì ń bá gòkè. Ewé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá wá gbẹ nígbà tí èso ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tóbi, ìdí èso tó jìnnà jù sí igi ni kò ní rí gbà. Láràárọ̀, ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ rọra bomi rin ín títí yóò fi máa kán nísàlẹ̀ ike. Ike lítà 20 fún igi kan ló dáa. Èyí tó kéré lè gba omi ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ nígbà ooru. Ní ti ajílẹ̀, NPK 10-10-10 tó títí òdòdó á fi yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lo èyí tí náítírójìn rẹ̀ kéré sí pọ́táṣíọ́mù, ìdajì ìwọ̀n tó wà lára àpò, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, sórí iyẹ̀pẹ̀ tó ti tutù. Náítírójìn àpọ̀jù á sọ ọ́ di ewé yanturu, ewé ọ̀hún á sì máa já omi gbà mọ́ èso lọ́wọ́. Èso tó ti dúdú ṣá kò ní padà sípò, ẹ já a kúrò. Àwọn tó bá so lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa wò.