Ìsọmọlórúkọ ọdún 1900: 29 Fẹ́búárì tí kò sí, tí Excel ń kà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń tẹ ìwé ìbí ìdílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo, sínú Excel. Bí mo bá yọ ọjọ́ ìbí kúrò nínú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, 7 ni mò ń rí fún gbogbo ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló yàtọ̀: 23 Fẹ́búárì 1900 ni wọ́n bí i, 2 Máàṣì ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, 8 sì ni Excel gbé jáde. Àbúrò bàbá mi ní 8 yẹn gan-an ló tọ̀nà, torí ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n 8 ti Excel kò tọ̀nà. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àṣìṣe yìí ṣòro láti rí.

Nínú ìkà tiwa, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an ni ọjọ́ kìíní. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Excel kì í ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń yọ ọjọ́ kan kúrò nínú òmíràn, nítorí náà 7 ló yẹ kó máa mú wá fún ọjọ́ kẹjọ. Bó sì ṣe ṣe fún àwọn ọmọ yòókù nìyẹn.

Ẹ wá fi ìka ka ti ọmọ yìí. Láti 23 sí 28 Fẹ́búárì jẹ́ ọjọ́ 5. Ọ̀la rẹ̀ ni 1 Máàṣì, ó di 6. 2 Máàṣì, ó di 7. Kò sí 29 Fẹ́búárì ní ọdún 1900. Ṣùgbọ́n Excel gbà pé ó wà. Nọ́ńbà ni Excel ń fi pa gbogbo ọjọ́ mọ́: 1 Jánúárì 1900 ni 1, 23 Fẹ́búárì ni 54, 28 Fẹ́búárì ni 59. Ó fi 60 fún 29 Fẹ́búárì tí kò sí, 1 Máàṣì wá di 61, 2 Máàṣì di 62. Ẹ yọ 54 kúrò nínú 62, 8 náà ló kù.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹ lè fi mú un. Ẹ kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ìbí náà:

```
=TEXT(A2,"dddd")
```

Thursday, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, ni yóò pè é. Ọjọ́ Ẹtì ni 23 Fẹ́búárì 1900, Ẹtì náà sì ni 2 Máàṣì. Bí ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ kẹjọ kò bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣìkà.

Àwọn tó kọ Excel mọ̀ nípa rẹ̀. Inú Lotus 1-2-3, tó ṣáájú Excel lórí kọ̀ǹpútà, ni àṣìṣe náà ti wá. Wọ́n mú un wọlé kí fáìlì àtijọ́ lè ṣí láìyí padà. Bí wọ́n bá tún un ṣe lónìí, nọ́ńbà gbogbo ọjọ́ láti 1 Máàṣì 1900 títí di òní ni yóò sún.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe? Ṣé kí n yẹ gbogbo ọmọ inú ìwé náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Fún ìkà ọjọ́, kìkì ọmọ tí ìbí rẹ̀ wà ṣáájú òpin Fẹ́búárì 1900, tí ìsọmọlórúkọ rẹ̀ sì bọ́ sí Máàṣì, ló kàn: àwọn tí wọ́n bí láti 22 sí 28 Fẹ́búárì ọdún náà. Ẹni tí wọ́n bí ní 21 ti gba orúkọ ní 28, kò sí wàhálà. Ti orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ló gbòòrò jù, torí gbogbo ọjọ́ láti 1 Jánúárì sí 28 Fẹ́búárì 1900 ni Excel ń pè ní orúkọ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Bí ọjọ́ ìbí bá wà ní A2, tí ìsọmọlórúkọ wà ní B2, ìlà kìíní yìí yóò fún yín ní 7, ìkejì yóò sì fún yín ní Friday:

```
=B2-A2-AND(A2<60,B2>60)
=TEXT(A2+(A2<60),"dddd")
```

Ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tó ṣófo, torí òfo kéré ju 60 lọ náà.

Ìbéèrè: Ọmọ tó ń bá wa tẹ̀wé ní Òkè-Fìà ṣí fáìlì yẹn nínú LibreOffice Calc, ó ní 22 Fẹ́búárì ni wọ́n bí ọmọ náà. Ta ló yí i?

Ìdáhùn: Ẹnikẹ́ni kò yí i. Nọ́ńbà 54 ló wà nínú fáìlì. 30 Dísẹ́ńbà 1899 ni Calc fi ṣe òdo rẹ̀, kò sì ka 29 tí kò sí, nítorí náà 22 Fẹ́búárì ni 54 jẹ́ fún un. Láti 61 lọ, ìyẹn 1 Máàṣì 1900, àwọn méjèèjì fẹnu kò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí kọ̀ǹpútà kan ń lò, ẹ tẹ 60, kí ẹ sọ ọ́ di ọjọ́: Excel yóò kọ 29 Fẹ́búárì, Calc yóò kọ 28.

Ìbéèrè: Ọdún 1900 ṣáà ṣeé pín sí 4, kí ló dé tí kò ní 29? Ọdún 2000 ní in. Mo tún ní àwọn tí wọ́n bí ní 1896, Excel kò tilẹ̀ gbà wọ́n.

Ìdáhùn: Bí a bá ń fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin láìdáwọ́dúró, ọdún kàlẹ́ńdà yóò jẹ́ ọjọ́ 365.25. Ti oòrùn jẹ́ nǹkan bíi 365.2422. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 11 lọ́dún ni, ó sì ń di ọjọ́ mẹ́ta ní 400 ọdún. Ìdí nìyẹn tí kàlẹ́ńdà tí Póòpù Gregory Kẹtàlá gbé jáde ní 1582 fi gba ọjọ́ mẹ́ta yẹn padà lọ́wọ́ àwọn ọdún tó parí sí òdo méjì: kìkì èyí tó ṣeé pín sí 400 ló ń ní 29 Fẹ́búárì. 1600 àti 2000 ní in. 1700, 1800 àti 1900 kò ní in, 2100 náà kò ní ní in. Excel mọ ti 2100 dáadáa, 1900 nìkan ló ṣì.

Òfin yìí ló máa yọ yín nínú ti 1896. 400 ọdún jẹ́ ọjọ́ 146,097, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 20,871 géérégé, láìṣẹ́kù. Bí ẹ bá fi 400 kún ọdún, ìkà ọjọ́ kò ní yí, orúkọ ọjọ́ kò ní yí, Fẹ́búárì náà kò ní yí. Ẹ kọ ọdún sí A2, oṣù sí B2, ọjọ́ sí C2, kí ẹ wá kọ:

```
=DATE(A2+400,B2,C2)
```

1896 á di 2296, 1900 á di 2300, tí Excel mọ̀ pé kò ní 29 Fẹ́búárì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ ìbí àti ti ìsọmọlórúkọ, kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ọmọ 23 Fẹ́búárì yẹn á fún yín ní 7. Ẹ má gbàgbé 400 yẹn, torí bí ẹ bá fún DATE ní 1896 lásán, 1900 ni yóò fi kún un, ọmọ yín á sì wà ní ọdún 3796.