Àtòkọ ìjábọ̀ tí kò bára mu: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀gá dá ìjábọ̀ mi padà, ó ní àtòkọ inú rẹ̀ kò bára mu. Mo ti yẹ sípẹ́lì wò, kò sí àṣìṣe.

Ẹ fi sípẹ́lì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ẹ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá bá "títún", "rírà", "a san" pàdé, ẹ ti rí àjèjì tó wà láàárín wọn.

Ìlà kan gùn ju àwọn yòókù lọ. Ṣé kí n fa àwọn kúkúrú gùn?

Rárá o! Ìdí tàbí àlàyé ló máa ń sá pamọ́ sínú ìlà gígùn. Ẹ yọ ọ́ síta, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ àtòkọ.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ di "títún" àti "rírà", síbẹ̀ kò ṣeé kà.

Èyí ló ń gba àkókò mi jù. Akọ̀wé ẹ́sítéètì kan ní Sùúrùlérè gbé irú rẹ̀ wá:

Ní oṣù tó kọjá, a ti:
- títún páìpù omi ṣe
- rírà dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀
- gbígbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìn ilé
- gbígba owó ààbò lọ́wọ́ àwọn ayálégbé

Àwọn ìlà náà jọra bí ìbejì, àmọ́ ta ló ń sọ pé "a ti rírà dísẹ́ẹ̀lì"? Gbólóhùn tó ṣáájú ló ń pinnu bí ìlà ṣe máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ máa kà á pọ̀ mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. "A ti" ń fẹ́ "tún", "ra", "gbẹ́", "gba".

Bí a ṣe ń yí i padà, mo bi í pé, "Ṣé ẹ ti gbẹ́ gọ́tà náà?" Ó ní ẹni tó máa gbẹ́ ẹ kò tíì dé. Owó ààbò ńkọ́? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ àwọn ayálégbé ni! Ká ní a kàn tún gírámà ṣe, irọ́ la ò bá kọ ránṣẹ́ sí alága. Iṣẹ́ tó ti parí àti iṣẹ́ tó kù ló kó pọ̀, a sì ní láti pín wọn sí méjì:

Ní oṣù tó kọjá, a ti:
- tún páìpù omi ṣe
- ra dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀

Iṣẹ́ tó kù ni:
- gbígbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìn ilé
- gbígba owó ààbò lọ́wọ́ àwọn ayálégbé

Ẹ rí i pé "gbígbẹ́" àti "gbígba" wá bójú mu lábẹ́ "iṣẹ́ tó kù ni". Nígbà tí ìlà kan bá kọ̀ jálẹ̀ láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá inú àtòkọ míì ni ilé rẹ̀ wà.

Ṣé mo lè tún ti inú ìwé àdéhùn ilé ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá fi "àti" rọ́pò "tàbí" kí ìlà lè dọ́gba, ẹni tó yẹ kó ṣe ọ̀kan nínú méjì á wá jẹ gbèsè méjèèjì. Ẹ gbé e fún lọ́yà.