Ẹ má tíì ṣẹ́ gbogbo owó oṣù sí náírà

Ẹ̀yin ará wa, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ pọ́n-ùn 2,000 lóṣù lọ̀ yín ní Ìlú Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ di náírà. Ibẹ̀ lẹ ó ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe Ọjà Ọba n'Ílọrin. Owó orí àti owó ìdójútòfò ìjọba á kọ́kọ́ yọ bíi 267. Ká ní ilé gba 700, iná, omi àti owó kánsù 250, oúnjẹ àti ọkọ̀ 400: ó ku bíi 380. Èyí nìkan ni kí ẹ ṣẹ́, kí ẹ fi wé ohun tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín níbí. Ìṣirò agbára ìrajà, ìyẹn bí ohun tí owó lè rà ṣe yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí Báńkì Àgbáyé ń gbé jáde wúlò, àmọ́ ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè ni. Ilé Lọ́ńdọ̀nù wọ́n gan-an, torí náà ẹ béèrè owó ilé ìlú tí iṣẹ́ náà wà.